500,000 oṣù kìíní àti 500,000 oṣù kẹwàá: ọ̀rọ̀ nọ́mbà èsúsú

Ìbéèrè: "Ẹ káàsán ẹ̀gbọ́n. Àdìrẹ ni mò ń ṣe ní Òṣogbo níbí. Àwa mẹ́wàá la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ èsúsú ní oṣù kìíní, 50,000 náírà lóṣooṣù, ẹnì kan á máa kó 500,000. Èmi ni mo mú nọ́mbà kẹwàá. Ìyá tó ń darí wa ní kò sí ìyàtọ̀, pé iye kan náà ni gbogbo wa máa kó. Ọ̀rẹ́ mi ní wọ́n ti rẹ́ mi jẹ. Bùrọ̀dá télọ̀ tó mú nọ́mbà kejì wá ní òun lè bá mi pààrọ̀ tí mo bá máa yọ 30,000 fún òun lọ́jọ́ tí mo bá kó o. Ṣé kí n gbà, àbí màá kàn fi 30,000 ṣòfò ni?"

Àbúrò mi, ìyá yẹn sọ òótọ́, ọ̀rẹ́ ẹ náà sọ òótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ ọ́ tán nínú àwọn méjèèjì. Òótọ́ ni pé gbogbo yín lẹ máa san 500,000, gbogbo yín lẹ sì máa kó 500,000, kò sí ẹni tó jí nǹkan kan. Ohun tí ìyá ò kà ni ọjọ́. Ẹni tó bá kó ní oṣù kìíní, 50,000 péré ló tíì fi sílẹ̀ nígbà tó gbé 500,000 lọ, 450,000 tó kù yẹn, owó ẹ̀yin mẹ́sàn-án tó kù ni, ẹ yá a ni, ó wá ń san án padà fún yín díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án láì san èlé kankan. Ìwọ tó o wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, òdìkejì ẹ̀ lo jẹ́: láti oṣù kìíní lo ti ń yá àwọn yòókù lówó, wọ́n á dá a padà pé pérépéré, kò sì ní sí ẹni tó máa fi nǹkan kún un fún ẹ. Àwọn tó wà láàárín, wọ́n á kọ́kọ́ yáni lówó, tí wọ́n bá kó tán wọ́n á wá di onígbèsè. Èsúsú kan ṣoṣo, àmọ́ olówó àti onígbèsè ló jókòó pọ̀ nínú ẹ̀. Nítorí náà "rẹ́ jẹ" tí ọ̀rẹ́ ẹ sọ yẹn ti le jù, torí kò sẹ́ni tó tàn ẹ́, nọ́mbà lo mú. Ṣùgbọ́n nọ́mbà yẹn ní iye tó ń ná ẹ, ìyẹn la fẹ́ mọ̀ báyìí.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé ọ̀rọ̀ yìí òyìnbó ló gbé e dé pẹ̀lú bánkì. Rárá o. Láyé àtijọ́ tí ẹnì kan bá yáwó tó sì fi ọmọ ẹ̀ tàbí ara ẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà yẹn ń ṣe lóko olówó kì í dín gbèsè kù rárá, ì báà ṣe ọdún mélòó. Odindi owó tí wọ́n yá ni wọ́n máa kó wá kí ìwọ̀fà tó lè máa lọ sílé ẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe yẹn, iye ọjọ́ tí owó fi wà lọ́wọ́ ẹlòmíì ló ń san. Àṣà tó nini lára ni, inú mi dùn pé a ti fi í sílẹ̀, àmọ́ ó jẹ́ ká rí i pé àwọn bàbá wa mọ̀ dájú pé ẹni tí owó ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíì ń pàdánù nǹkan kan lójoojúmọ́.

Kí ni nǹkan tó ń pàdánù yẹn? Tó o bá bi èèyàn mẹ́wàá l'Ọ́jà Ọba, mẹ́sàn-án á sọ fún ẹ pé ọjà ló ń wọ́n. Wọn ò jẹ̀bi, ojú wa ti rí nǹkan. Emi fúnra mi, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022 mo bá ilé iṣẹ́ kan ṣe ìwé ìṣirò owó wọn, a fẹnu kò sí 400,000, ó di 2024 kí wọ́n tó san án. Wọ́n san án pé o, kọ́bọ̀ ò dín. Àmọ́ nígbà tí mo ṣiṣẹ́ náà, lítà pẹtiróòlù kò tó 200 náírà, nígbà tí wọ́n fi máa san án ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, lítà kan ti kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì tún ń gòkè sí i lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ní àwọn ò jẹ mí ní nǹkan kan mọ́. Ohun tí wọ́n san fún mi kò tó ìdajì ohun tí mo bá wọn ṣe àdéhùn ẹ̀ tá a bá fi epo wọ̀n ọ́n, ó sì dùn mí gan-an nígbà yẹn torí mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ kó yé wọn. Àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa náà kéde pé ní oṣù kejìlá 2024, iye ọjà ti fi 34.80 lórí 100 ga ju ti oṣù kejìlá 2023 lọ. Tó o bá pín ìyẹn sóṣooṣù, bíi náírà 2 àtààbọ̀ ló ń jẹ lára 100 náírà ẹ lóṣù.

Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́ má dúró síbẹ̀ yẹn, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà. Ká ní ọjà ò wọ́n rárá, ká ní páńlà àti ìrẹsì dúró síye tí wọ́n wà fún ọdún márùn-ún, 500,000 òní ṣì máa ju 500,000 oṣù kẹwàá lọ. Ìdí ni pé owó tó wà lọ́wọ́ ẹ lónìí lè ṣiṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́sàn-án yẹn. O lè fi ra aṣọ funfun àti aró, kó o pa á láró, kó o tà á, kó o tún fi owó ẹ̀ ra òmíì. Owó oṣù kẹwàá ò lè ra aṣọ fún ẹ ní oṣù kẹta. Ìdí kẹta tún wà, òun ni pé ohun tí kò tíì dé ọwọ́ ẹni lè má dé. Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹni mẹ́sàn-án ló máa ti kó tiwọn lọ kó tó kàn ẹ́. Tí ẹnì kan bá kó lọ ilé tuntun tàbí tí àìsàn bá dé bá a ní oṣù kẹjọ, ẹni tó kù nísàlẹ̀ ni ìyà ẹ̀ máa ń jẹ. Mo ti wà nídìí ìwé kọ́ọ̀pù àti èsúsú fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú gbogbo èsúsú tí mo rí tó dàrú, mi ò rántí èyí tí nọ́mbà kìíní ti sunkún.

Ó yá, jẹ́ ká fi iye sí i. A nílò láti mú iye kan pé báyìí ni 100 náírà ṣe lè bímọ lóṣù. Màá mú 2 náírà lórí 100. Mi ò sọ pé iye yẹn ló tọ́ fún ẹ, a ṣì máa padà síbẹ̀, mo mú un torí pé kò ga, kò kéré. Tó o bá ní 418,400 náírà lọ́wọ́ ní oṣù kìíní tó sì ń bí 2 lórí 100 lóṣooṣù, tí èlé náà ń dara pọ̀ mọ́ owó tó ń bí òmíì, oṣù kan á sọ ọ́ di bíi 426,800, oṣù kejì á di bíi 435,300, báyìí báyìí, tó bá fi máa pé oṣù mẹ́sàn-án á ti di 500,000 gééré. Ìyẹn ni pé 500,000 tí wọ́n ṣèlérí fún ẹ ní oṣù kẹwàá, 418,400 ló jẹ́ tá a bá fi ojú oṣù kìíní wò ó. Tó o bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra ẹ, ṣí kakulétọ̀ orí fóònù ẹ, tẹ 500000, pín in sí 1.02, kó o tún pín èyí tó jáde sí 1.02, kó o ṣe é lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, torí oṣù mẹ́sàn-án ló wà láàárín.

500000 ÷ 1.02⁹ ≈ 418,400

Ìjọba àpapọ̀ fúnra wọn bí wọ́n ṣe ń yáwó nìyẹn tó bá jẹ́ tírẹ́ṣọ́rì bíìlì, èyí tó máa ń jẹ́ ọlọ́jọ́ 91, 182 tàbí 364. Wọn ò ní gba 100 lọ́wọ́ ẹ kí wọ́n wá fi èlé kún un lẹ́yìn. Iye tó kéré sí 100 ni wàá san lónìí, bíi 85 ká fi ṣe àpẹẹrẹ, tí ọjọ́ bá pé wọ́n á gbé 100 fún ẹ. Ẹni tó bá ra ọ̀kan rí ti fojú ara ẹ̀ rí i pé 100 ọdún tó ń bọ̀, lónìí kì í ṣe 100.

Ó yẹ ká ka owó tí wàá máa san náà bẹ́ẹ̀, torí pé kì í ṣe oṣù kìíní lo máa san gbogbo ẹ̀. 50,000 oṣù kejì fúyẹ́ díẹ̀ ju 50,000 oṣù kìíní, ti oṣù kẹwàá ló fúyẹ́ jù. Tá a bá fi ojú oṣù kìíní wo gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tá a wá rò ó pọ̀, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín máa san á jẹ́ bíi 458,100. Iye yẹn dọ́gba fún gbogbo yín. Ẹni àkọ́kọ́ á san 458,100, á gba 500,000, ó jèrè nǹkan bíi 42,000. Ìwọ á san 458,100, wàá gba 418,400, o pàdánù nǹkan bíi 40,000. Ẹni tó bá wà ní nọ́mbà karùn-ún jèrè díẹ̀, ẹni kẹfà pàdánù díẹ̀, àwọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ síbi tó dọ́gba. Tó o bá ro èrè àwọn ti òkè pọ̀ tó o wá ro àdánù àwọn ti ìsàlẹ̀ pọ̀, wọ́n á jẹ́ iye kan náà, torí kò sí ibòmíì tí owó náà lè gbà wá. Ohun tó ń ná ẹ láti wà ní nọ́mbà kẹwàá nìyẹn, tó bá jẹ́ pé 2 lórí 100 ni owó lè ṣe fún ẹ.

Ká wá sórí 30,000 bùrọ̀dá télọ̀. Fi 50,000 tí wàá máa san lóṣooṣù sápá kan, torí bó o kó ní oṣù kejì, bó o kó ní oṣù kẹwàá, o máa san án náà ni, kò yí padà. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni ọjọ́ tí 500,000 máa wọlé. Tó o bá gbà, wàá kó 500,000 ní oṣù kejì, wàá yọ 30,000 fún un, 470,000 ló kù sí ẹ lọ́wọ́. Ohun tó o fi sílẹ̀ ni 500,000 oṣù kẹwàá. Èyí túmọ̀ sí pé bíi kí èèyàn yá ẹ ní 470,000 fún oṣù mẹ́jọ, kó o san 500,000. 30,000 lórí 470,000 fún oṣù mẹ́jọ, tó o bá ṣírò ẹ̀ kò tó náírà 1 lórí 100 lóṣù, bíi 80 kọ́bọ̀ ni. Àbúrò mi, níbo lo ti máa rí irú owó yẹn yá? Àwọn sọ́gundógójì tó ń yáni lówó lọ́jà, orúkọ wọn ti sọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n á sọ ogún di ogójì. Tó bá jẹ́ 2 lórí 100 la fi wò ó, ìyàtọ̀ láàárín nọ́mbà kejì àti nọ́mbà kẹwàá tó bíi 73,000 lọ́jọ́ tó o bá kó owó náà. 30,000 ló ń béèrè.

Nítorí náà tó bá jẹ́ ìṣirò nìkan, gbà á. Àmọ́ ìṣirò yẹn dúró lórí nǹkan kan tí mi ò lè bá ẹ mọ̀ láti ibi tí mo jókòó sí, ìyẹn ni ohun tí 470,000 lè ṣe lọ́wọ́ ẹ. Ìwé ìtajà tìẹ ló máa sọ ọ́. Mú àdìrẹ tó o ṣe kẹ́yìn tó o sì ti gba gbogbo owó ẹ̀. Kọ gbogbo ohun tó o ná sílẹ̀: aṣọ funfun, aró, kọ́stíìkì, àbẹ́là tó o yọ́, owó àwọn ọmọ tó bá ẹ ṣe é, owó mọ́tò, kó o sì san owó iṣẹ́ fún ara ẹ náà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ti máa ń tan ara yín jẹ. Ká ní 150,000 lo ná sí i, tí 168,000 wọlé, tó sì gbà ẹ́ ní oṣù mẹ́ta kí owó tó pé lọ́wọ́ ẹ. Èrè ẹ 18,000, ìyẹn 12 lórí 100 ní oṣù mẹ́ta, bíi 4 lóṣù. Ṣọ́ra, kì í ṣe ọjọ́ tó o ta aṣọ ni o máa kà dé o, ọjọ́ tí owó wọlé ni. Tó bá jẹ́ pé àwìn lo tà á fún àwọn oníbàárà tó máa san tí oṣù bá parí, tí wọ́n wá sún un sí oṣù méjì sí i, èrè 12 kan náà yẹn ti di oṣù márùn-ún, kò tó 2 àtààbọ̀ lóṣù mọ́. Àìmọye ẹni tó ń ṣòwò ló rò pé ọjà àwọn ń pa èrè gidi, àwìn ló ti jẹ ẹ́ tán, wọn ò sì rí i torí iye orí ìwé ò yí padà.

Ohun kejì tó o gbọ́dọ̀ bi ara ẹ ni pé ṣé ọjà ẹ lè gba 470,000 lẹ́ẹ̀kan. Pé 150,000 pa 4 lórí 100 kò sọ pé 470,000 máa pa 4. Tó o bá fi gbogbo ẹ̀ ra aṣọ ní oṣù kejì, ta ló máa rà á ní oṣù kẹta? Níbí ni Òṣogbo ti yàtọ̀. Oṣù kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun, àwọn àlejò máa ń wá láti ibi gbogbo, wọ́n sì máa ń ra àdìrẹ. Owó tó bá dé ọwọ́ ẹ ní oṣù kejì á fún ẹ láyè láti máa ra aṣọ funfun díẹ̀díẹ̀ kí gbogbo yín tó jọ sáré sí i, kó o sì ti pa á láró sílẹ̀. Owó oṣù kẹwàá, ọdún Ọ̀ṣun ti lọ kó tó dé, wàá mú un dúró di ọdún tó ń bọ̀ tàbí kó o fi bá ọjà Kérésìmesì lọ. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé iye kan wà tó jẹ́ ti gbogbo èèyàn, 500,000 oṣù kejì ní iye tó jẹ́ lójú alásè tó ń tajà bákan náà yípo ọdún, ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí ọjà ẹ̀ ní ìgbà bíi tìẹ. Ká tiẹ̀ ní 200,000 péré lo lè lò dáadáa nínú ẹ̀, 4 lórí 100 fún oṣù mẹ́jọ jẹ́ 64,000, ó ti san 30,000 bùrọ̀dá yẹn ní ìlọ́po méjì. Ìyókù má tọ́jú ẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí, fi sí ibi tó ti ń gba èlé, kó o sì lè fà á jáde tí aṣọ funfun bá dé lówó pọ́ọ́kú.

Mi ò ní fi ewu ẹ̀ pamọ́ fún ẹ. Ọjọ́ tó o bá kó 500,000 ní oṣù kejì, 100,000 lo tíì san. O jẹ èsúsú ní 400,000, 50,000 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́jọ gbáko, ó máa wá bó o tà, bó ò tà. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ tí ọjà ẹ̀ ò bá lọ ní oṣù kan lè bẹ̀bẹ̀, torí owó ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ẹni tó ti kó, àpò ẹ̀ ni wọ́n máa tú. Mo ti rí i tí èèyàn kó ní oṣù kejì, aṣọ ẹbí kan, ìsọmọlórúkọ kan, gíláàsì fóònù tó fọ́, nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin owó ti tán, ó wá ń yá lọ́wọ́ sọ́gundógójì láti san èsúsú. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, nọ́mbà kẹwàá ló dáa fún un jù, bó tilẹ̀ ń pàdánù 40,000, torí 500,000 tó dín ní 40,000 ṣì ju kò sí lọ. Tó o bá mọ̀ nínú ara ẹ pé bó o ṣe rí nìyẹn, kò sí ìtìjú níbẹ̀, dúró síbi tó o wà.

Ìbéèrè kan tún kù tó o gbọ́dọ̀ bi bùrọ̀dá náà tààràtà: kí ló dé tó fẹ́ lọ sísàlẹ̀? Ó lè jẹ́ pé owó ilé ìwé ọmọ ní oṣù kẹwàá ló ń lé, kò sì fọkàn tán ara ẹ̀ tí owó bá wà lọ́wọ́ tipẹ́, ìyẹn dáa. Ó sì lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ṣírò ẹ̀ fún un rí. Tó bá jẹ́ èmi, màá fi ìṣirò yìí hàn án, màá sì gbé e sí 50,000. Ní 50,000, wàá máa lo 450,000, èlé tó o ń san kò ju bíi 1 àti 30 kọ́bọ̀ lórí 100 lóṣù, ó ṣì rọ̀ ẹ́ lọ́rùn, òun náà ò sì ní gbé ewu ìsàlẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jọ lọ bá ìyá tó ń darí yín kó yí orúkọ yín padà nínú ìwé kí oṣù kìíní tó wọlé, kí gbogbo àwọn mẹ́jọ tó kù sì gbọ́. Àmọ́ kó o tó lọ, kọ́kọ́ ṣírò àdìrẹ tó o ṣe kẹ́yìn bí mo ṣe sọ ọ́. Tó bá jáde pé kò tó 1 àti 30 kọ́bọ̀ lórí 100 lóṣù lẹ́yìn tó o ti san owó iṣẹ́ ara ẹ, má pààrọ̀.